Kí là bá pe "rìléṣọ́nṣípù máníjà" báńkì?

Ìbéèrè láti Ìbàdàn
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Rìléṣọ́nṣípù máníjà ni báńkì kọ sára káàdì mi. Látìgbà tí ẹbí ti rí i, wọ́n rò pé èmi ni mo ni kọ́kọ́rọ́ báńkì. Àbúrò bàbá mi ti ní kí n yá àwọn ní mílíọ̀nù 5 náírà. Mo pe iṣẹ́ náà ní "alábòójútó àjọṣepọ̀", kò yé wọn. Kí ni kí n máa pè é?

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì
Ọmọ mi, "alárinà báńkì" ni kí o jẹ́. Àárín báńkì àti oníbàárà lo dúró sí, o ń gbé ọ̀rọ̀ tibí lọ sọ́hùn-ún. Gbogbo ayé ló sì mọ̀ pé owó kì í wà lọ́wọ́ alárinà.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀yáwó ní báńkì
Ẹ ṣeun, olùkọ́ wa. Àárín ló wà lóòótọ́, ṣùgbọ́n bí ìyàwó bá ti wọlé ọkọ, alárinà a yẹ̀ fún wọn. Ti ẹni tí à ń wí yìí yàtọ̀: lẹ́yìn tí owó bá ti jáde niṣẹ́ rẹ̀ le jù.

Àbúrò, ká ní ẹnì kan ń ta sìmẹ́ńtì ní Bódìjà, ó sì fẹ́ yá mílíọ̀nù 5. Ìwọ lo máa gba lẹ́tà rẹ̀, ìwé CAC rẹ̀, àti ìwé ohun tó fẹ́ fi dúró. Ìwọ náà lo máa dé ṣọ́ọ̀bù lọ ka àpò sìmẹ́ńtì tó wà nílẹ̀. Bó bá ní òun ń ta mílíọ̀nù 3 lóṣù, tó sì jẹ́ ẹgbẹ̀rún 400 péré ló ń wọ àkáǹtì rẹ̀, o ní láti bi í bóyá báńkì mìíràn ló ń kó ìyókù sí, àbí ọjà ọ̀hún kò tà tó bẹ́ẹ̀. Báńkì á tún fi BVN rẹ̀ wò ó bóyá ó jẹ gbèsè níbòmíràn. Lẹ́yìn náà lo máa kọ gbogbo rẹ̀ sínú mẹ́mò.

Agbára rẹ parí síbẹ̀. Àwọn tó ń yẹ ewu ẹ̀yáwó wò ló máa tú mẹ́mò náà wò, àwọn tó láṣẹ láti buwọ́ lù ú ló máa sọ pé bẹ́ẹ̀ ni tàbí bẹ́ẹ̀ kọ́. Wọ́n lè ní mílíọ̀nù 2 làwọn máa yọ. Bí onígbèsè kò bá wá san án, ìwọ ni wọ́n máa kọ́kọ́ pè. Ti àbúrò bàbá rẹ tún yàtọ̀: ẹbí ni wọ́n, nítorí náà sọ fún ọ̀gá rẹ kí wọ́n gbé ìwé wọn fún ẹlòmíràn.

Èyí tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ náà kì í sì í ṣe ẹ̀yáwó, owó wíwá sí báńkì ni. Owó inú kọ́rẹ́ńtì ni wọ́n fẹ́ jù, torí èlé tí báńkì ń san lórí rẹ̀ kò tó ti fíkísì rárá. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi máa ń bẹ oníbàárà lópin oṣù pé kó jọ̀ọ́, kó má tíì kó owó rẹ̀. "Olùtọ́jú oníbàárà" ni mo fara mọ́.

Oníṣòwò aṣọ ní Gbági
Ṣé ẹni tó ń wá sí ṣọ́ọ̀bù wa lẹ ń wí? Alájọ báńkì la máa pè é.

Ẹni tó ti ṣiṣẹ́ ẹ̀yáwó ní báńkì
Ẹ jọ̀ọ́, màmá, ẹ má pè é bẹ́ẹ̀. Alájọ ń gba owó lọ́wọ́ yín, ó sì ń mú ti ọjọ́ kan lóṣù. Ẹni tiwa yìí kò gbọ́dọ̀ gba kọ́bọ̀ sọ́wọ́. Bó bá ní kí ẹ kó o fún òun, ẹ gbé owó yín lọ sí káńtà fúnra yín, kí ẹ má sì kúrò níbẹ̀ títí alẹ́ẹ̀tì á fi wọlé.

Ọmọ Iléṣà ní Hiúsítìnì
Fáìsì púrẹ́sídẹ́ǹtì ni wọ́n ń pè mí ní báńkì tí mo wà. Ìyá mi túmọ̀ rẹ̀ sí igbákejì ààrẹ, wọ́n sì rò pé ẹnì kan péré ló jù mí lọ. Bẹ́ẹ̀, nínú báńkì Amẹ́ríkà, àwa tí à ń jẹ́ orúkọ yìí pọ̀ lọ súà. Wọ́n ń fún wa kí oníbàárà lè gbà pé ẹni tó lẹ́nu ọ̀rọ̀ ló ń bá òun sọ̀rọ̀. Mo ti fi títúmọ̀ rẹ̀ sílẹ̀. "Mo ń yẹ ìwé ilé iṣẹ́ tó fẹ́ yáwó wò" ni mo ń sọ fún wọn nílé.

Olùkọ́ Yorùbá tó ti fẹ̀yìn tì
Mo gbọ́ ti alárinà. Ṣùgbọ́n bí ẹ̀rọ bá gbé káàdì mi mì, "olùtọ́jú oníbàárà" ni mò ń pe ẹni tí mò ń lọ bá. Ẹ fẹ́ kí méjèèjì máa jẹ́ orúkọ kan náà?

Ìbéèrè láti Ìbàdàn
Ẹ ṣeun gan-an. Ohun tí mo kọ ránṣẹ́ sí ẹbí rèé: "Mo ń wá oníbàárà fún báńkì, mo ń mójú tó àkáǹtì wọn, mo sì ń kọ ìwé nípa ẹni tó bá fẹ́ yáwó. Èmi kọ́ ni mò ń fọwọ́ sí i." Àbúrò bàbá mi ti fèsì: wọ́n fẹ́ mọ ẹni tó ń fọwọ́ sí i.