Ṣé ìtò kan náà ni sítáàkì àti kíù?

Olùkọ́, Kúbwà

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ará. Mo ń fi Yorùbá kọ́ àwọn ọ̀dọ́ kan ní iṣẹ́ kọ̀ǹpútà níbí. A ti dé orí igi ẹlẹ́ka méjì: ìrìn tí a ń fi sítáàkì ṣe, tó ń ka òsì, tó ń ka kókó fúnra rẹ̀, kó tó lọ sọ́tùn-ún, àti ìrìn ìpele-ìpele tí a ń fi kíù ṣe. "Ìtò" ni mo pe sítáàkì, òun náà ni mo pe kíù, àwọn ọmọ sì ti ń fi ọ̀kan sípò èkejì nínú kóòdù. Orúkọ wo ni ká fún wọn?

Ẹnjiníà, Gàríkì

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n. Lójú tèmi, ìtò kò burú, ẹnu rẹ̀ ni ká fi ya ọ̀kan sọ́tọ̀ lára èkejì. Sítáàkì ní ẹnu kan: ibi tí nǹkan gbà wọlé náà ló ń gbà jáde, bí abọ́ tí a tò léra. Kíù ní ẹnu méjì, a ń gba ẹ̀yìn wọlé, a ń gba iwájú jáde. Ìtò ẹlẹ́nu kan, ìtò ẹlẹ́nu méjì, ó tán. Kóòdù kan náà sì ni wọ́n jọ ń lò. Bí ẹ bá yọ nǹkan láti ẹ̀yìn, òsì-kókó-ọ̀tún ló máa jáde; bí ẹ bá yọ ọ́ láti iwájú, ìpele-ìpele ni. Ọmọ tó bá ti mọ ẹnu ti mọ gbogbo rẹ̀.

Màmá Kàdúnà

Àbúrò mi, ọ̀rọ̀ ẹnu yẹn dára, mo gbà á. Àmọ́ pé kóòdù kan náà ni, kò rí bẹ́ẹ̀, ibẹ̀ gan-an sì ni àwọn ọmọ ti ń ṣìnà. Ẹ jẹ́ ká mú igi kékeré kan, ká fọwọ́ tẹ̀ lé e.

```
       40
      /  \
    20    60
   /  \     \
  10  30    70
```

Ẹ kíyè sí i pé 60 kò ní ọmọ òsì. Kóòdù ìrìn òsì-kókó-ọ̀tún nìyí:

```python
stack, cur, out = [], root, []
while cur or stack:
    while cur:
        stack.append(cur)
        cur = cur.left
    cur = stack.pop()
    out.append(cur.val)
    cur = cur.right
```

A bẹ̀rẹ̀ láti 40, a gbé e lé sítáàkì, a sọ̀ kalẹ̀ sí òsì, a gbé 20 lé e, a tún gbé 10 lé e. Òsì 10 kò sí. A yọ 10, a kọ ọ́ sílẹ̀. Kò ní ọ̀tún, nítorí náà a yọ 20, a kọ ọ́, a sì yà sí ọ̀tún rẹ̀, níbi tí 30 wà. A gbé 30 lé e, a yọ ọ́ padà lójú ẹsẹ̀ torí kò ní òsì, a kọ ọ́. Ó wá ku 40 nìkan. A yọ ọ́, a kọ ọ́, a lọ bá 60, lẹ́yìn náà 70. Ohun tó jáde ni 10, 20, 30, 40, 60, 70. Ó tò láti kékeré sí ńlá nítorí pé nínú igi yìí, ohun tó wà lósì kókó kọ̀ọ̀kan kéré sí i, ohun tó wà lọ́tùn-ún sì pọ̀ jù ú lọ.

Wàyí o, ẹ ṣe ohun tí àbúrò wí: ẹ kọ `from collections import deque` sókè, ẹ sọ `stack` di `deque()`, ẹ fi `popleft()` rọ́pò `pop()`, kí gbogbo ìyókù wà bó ṣe wà. 40, 20 àti 10 ṣì máa wọlé tẹ̀ léra, ṣùgbọ́n 40 ló máa kọ́kọ́ jáde. Ẹ tẹ̀ lé e dópin, ẹ máa rí 40, 20, 10, 60, 30, 70. Ìpele-ìpele tòótọ́ jẹ́ 40, 20, 60, 10, 30, 70. Èyí tó jáde kì í ṣe òsì-kókó-ọ̀tún, kì í sì í ṣe ìpele-ìpele. Ó fara jọ ìpele-ìpele díẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀, ìyẹn ló ń jẹ́ kí ọmọ tó yára wò ó gbà pé ó ti tọ̀nà.

Ìdí rẹ̀ ni pé àwọn tó ń dúró nínú méjèèjì kò dúró de ohun kan náà. Kókó tó wà nínú sítáàkì yìí, a ti kọjá lára rẹ̀ lọ sí òsì rẹ̀. Ó ń dúró kí òsì parí, kí a padà wá kọ òun, kí a tó yà sọ́tùn-ún. Kókó tó wà nínú kíù ìpele-ìpele, a kò tíì wo àwọn ọmọ rẹ̀ rárá. Ìgbà tí a bá yọ ọ́ ni a máa kọ ọ́, tí a máa to àwọn ọmọ rẹ̀ sẹ́yìn:

```python
q, out = deque([root]), []
while q:
    n = q.popleft()
    out.append(n.val)
    if n.left: q.append(n.left)
    if n.right: q.append(n.right)
```

Nítorí náà, èmi kò fẹ́ kí orúkọ méjèèjì ní "ìtò" nínú rárá. Mo dábàá "àtòlérí" fún sítáàkì, torí orí ni gbogbo iṣẹ́ ti ń ṣẹlẹ̀, àti "ìlà" fún kíù.

Ẹnjiníà, Gàríkì

Ẹ ṣeun, mà. Mo ti fọwọ́ tẹ̀ lé e, bẹ́ẹ̀ ló rí. Àmọ́ mo ti rí ibi tí ọ̀rọ̀ mi ti wá. Nínú kóòdù kejì tí ẹ kọ yìí, bí mo bá fi `pop()` rọ́pò `popleft()`, ó ń ṣiṣẹ́ dáadáa, ìrìn mìíràn ló sì ń di: 40, 60, 70, 20, 30, 10.

Màmá Kàdúnà

Òótọ́ ni. Ìrìn tó ń kọ òbí ṣáájú ọmọ nìyẹn, ó kàn gba ọ̀tún ṣáájú ni. Bí ẹ bá to ọmọ ọ̀tún wọlé ṣáájú ọmọ òsì, ó máa di 40, 20, 10, 30, 60, 70. Nínú ìrìn yìí àti ìpele-ìpele, kíkọ ni òbí kọ́kọ́ ń gbà kí àwọn ọmọ rẹ̀ tó wọlé, ìdí nìyẹn tí ẹnu nìkan fi tó láti yí ọ̀kan sí èkejì. Òsì-kókó-ọ̀tún kò sí nínú ìdílé yẹn. Àárín ni òbí ti ń gba tirẹ̀.

Ará Ńyáńyá

Ẹ̀yin àgbà, bó ṣe yé mi, ìbéèrè ni pé èwo nínú méjèèjì ló ń jẹ àyè jù. Ó kàn mí gan-an. Mo ní nọ́ńbà 5,000 tí mo tò sínú igi láti orí 5,000 wálẹ̀ dé 1. Iṣẹ́ tó ń pe ara rẹ̀ ni mo kọ́kọ́ fi rìn ín, ó fún mi ní `RecursionError`. Ṣé kí n lọ sí kíù?

Màmá Kàdúnà

Ìbéèrè ẹ̀gbọ́n kọ́ nìyẹn o, àbúrò, àmọ́ ó bá ọ̀rọ̀ mu. Bí o ṣe tò wọ́n láti ńlá sí kékeré, gbogbo wọn gba òsì lọ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan. Igi rẹ ti di okùn. Páítọ̀nù kì í jẹ́ kí iṣẹ́ pe ara rẹ̀ wọlé jìnnà ju nǹkan bí 1,000 lọ bí o kò bá yí i padà, ìdí nìyẹn tó fi kọ̀. Sítáàkì tí o fọwọ́ ara rẹ kọ kò sí lábẹ́ òfin yẹn, àpótí lásán ni. Ó máa gbé 5,000 láìjà. Kíù máa gbé ẹyọ 1 ṣoṣo lẹ́ẹ̀kan náà lórí okùn yìí. Ṣùgbọ́n ohun tó máa tẹ̀ jáde ni 5,000, 4,999, títí dé 1. Bí ó bá jẹ́ pé láti kékeré sí ńlá lo fẹ́, kíù kò ràn ọ́ lọ́wọ́.

Lórí igi tó kún dáadáa, ọ̀rọ̀ yí padà. Igi ìpele 10 tó kún ní kókó 1,023. Sítáàkì kò ní gbé ju 10 lọ, torí gíga igi ló ń tẹ̀ lé. Kíù máa gbé 512 nígbà tó bá dé ìpele ìsàlẹ̀, torí ìbú ló ń tẹ̀ lé. Ohun tó yẹ kí o ṣe sí igi rẹ ni pé kí o da àwọn nọ́ńbà rú kí o tó tò wọ́n wọlé, tàbí kí o lo igi tó ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Olùkọ́, Kúbwà

Ẹ ṣeun gan-an, mà. Àwọn ọmọ mi kan kọ `while stack` nìkan, kò tẹ nǹkan kan jáde. Wọ́n wá gbé àyẹ̀wò náà lọ sí ìsàlẹ̀ yípo, ó sì tẹ 10, 20, 30, 40, ó dúró síbẹ̀.

Màmá Kàdúnà

Àmì tó dára jù lọ nìyẹn. Bí gbòǹgbò bá ti jáde tán tí ìdajì ọ̀tún kò sí, àyẹ̀wò ni kí ẹ wò. Nígbà tí a yọ 40, àtòlérí ṣófo, ṣùgbọ́n `cur` ti di 60, iṣẹ́ ṣì wà lọ́wọ́. Ní ìbẹ̀rẹ̀ pàápàá, ó ṣófo, ìdí nìyẹn tí èyí àkọ́kọ́ kò fi tẹ nǹkan kan. Ẹ jẹ́ kí wọ́n ka `while cur or stack` síta báyìí: "níwọ̀n ìgbà tí a bá dúró lórí kókó kan, tàbí tí kókó kan bá ṣì ń dúró dè wá." Kíù kò nílò ìdajì àkọ́kọ́ yẹn, torí gbòǹgbò ti wà nínú rẹ̀ kí yípo tó bẹ̀rẹ̀, kò sì sí kókó tí a mú dání lẹ́yìn òde rẹ̀.

Bàbá Lọ́kọ́jà

Lórí orúkọ. "Àtòlérí" tẹ́ mi lọ́rùn. "Ìtò" kò dára fún ẹnikẹ́ni: àwọn ọmọ kì í fi àmì sí i lórí fóònù, "ito" lásán sì lè di ìtọ̀ lójú ẹni tó ń kà á. Àmọ́ "ìlà" náà ní ìdààmú, torí à ń pe ẹsẹ kóòdù ní ìlà: "àṣìṣe wà ní ìlà 5." Ẹlẹ́nu méjì ti àbúrò ńkọ́? Mo fẹ́ ká fi yẹn pamọ́ fún `deque`, torí nǹkan lè gba ẹnu méjèèjì wọlé, kó gba méjèèjì jáde. Kíù lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀.

Ìyá Kánò

Ní Sábọ́n Gàrí, "láyì" ni àwọn ọmọ wa ń pè é, wọ́n gbọ́ ọ lẹ́nu Haúsá, ìlà tí èèyàn ń tò sí ni. Kò sí ọmọ tó máa béèrè ẹni tó kọ́kọ́ jáde nínú láyì.

Bàbá Lọ́kọ́jà

Ìyá, ọmọ Ọ̀ffà tàbí Èkìtì kò ní mọ láyì. "Ìlà-ìdúró" ńkọ́?

Ìyá Kánò

Ó gùn, bàbá. Wọ́n máa gé e sí "ìlà" lọ́jọ́ kejì, ẹ máa padà síbi tí ẹ ti ń sá.

Olùkọ́, Kúbwà

Màá lo "àtòlérí", pẹ̀lú "gbé lé" àti "yọ lórí". Fún kíù, màá lo "tò sẹ́yìn" àti "yọ níwájú", kí ọ̀rọ̀ ìṣe máa fi ẹnu hàn, títí a ó fi fẹnu kò lórí orúkọ rẹ̀. Màmá Kàdúnà, ṣé kí n kọ́kọ́ fún wọn ní igi yín tí 60 kò ti ní òsì, tàbí igi tó kún?

Màmá Kàdúnà

Èyí tí kò kún ni. Lórí igi tó kún, 60 náà á kọ́kọ́ sọ̀ sí òsì bíi 20, wọn kò ní rí kókó tí a gbé lé, tí a yọ lórí lójú ẹsẹ̀, tó sì ṣì ní ọ̀tún láti lọ.