Ẹ gbà mí o, kí ni ẹyọ àmì ìdánudúró kan yìí ń sọ?

Ẹ káàárọ̀ o. Àbúrò mi obìnrin tó ń gbé Bódìjà fi sikirinṣọ́ọ̀tù kan ránṣẹ́ sí mi, ó kọ ọ̀rọ̀ gbọọrọ sí àfẹ́sọ́nà ẹ̀ lórí Wásáàpù ní 9:12 alẹ́ pé kí wọ́n sún mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́ sí oṣù tó ń bọ̀ torí ara Màmá ò yá. 11:47 ni ọ̀gbẹ́ni fèsì, "." péré! Ló bá bú sẹ́kún pé ó ti parí.

Èmi ò tíì gbà bẹ́ẹ̀. Mo ní kó yí ṣáàtì wọn padà sókè, a rí i pé ọmọ yẹn kì í fi àmì ìdánudúró parí ọ̀rọ̀ rárá, kí n má parọ́, ìyẹn bà mí lẹ́rù díẹ̀. Àmọ́ nígbà kan tó wà ní Mọ́níyà ó fi "." ránṣẹ́ láti wò ó bóyá nẹ́tíwọ́ọ̀kì ti dé, ọ̀rọ̀ gidi sì tẹ̀lé e kíákíá. Lọ́tẹ̀ yìí ilẹ̀ mọ́, kò sí nǹkan kan lẹ́yìn ẹ̀.

Ìbéèrè mi ò ju ẹyọ kan lọ: ṣé kó pè é báyìí ni, àbí kó dúró kí ọ̀gbẹ́ni fẹnu ara ẹ̀ ṣàlàyé? Ẹ má bínú pé ó gùn, ẹ ṣé o.