Ọmọ mi tí oṣù rẹ̀ ò pé ń mu 30 mílílítà tán, àmọ́ ìwọ̀n rẹ̀ ò lọ sókè bíi ti tẹ́lẹ̀

Ìyá Tiwa
Ẹ kú ojúmọ́ o, ẹ̀yin ìyá àti bàbá mi. Ẹ̀jẹ̀ ríru ló jẹ́ kí n bí Tiwa nígbà tí oyún pé ọ̀sẹ̀ 31. Omi ọyàn mi ò wá rárá. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta la lò ní wọ́ọ̀dù, ó ti pé ọ̀sẹ̀ márùn-ún báyìí. Ìwọ̀n rẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ kejì nìyí: kílò 1.50, 1.68, 1.80, 1.88. 30 mílílítà mílíìkì ni wọ́n ní kí n máa fún un ní wákàtí mẹ́ta mẹ́ta, ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Ife kékeré ni mo fi ń fún un. Ó ń mu ún tán, á tún máa lá etí ife náà. Kí ló dé tí ohun tó ń fi kún ara ń dín kù? Ṣé kí n po mílíìkì náà kó ki ni?

Bàbá Dáre
Ẹ fi ṣíbí kan lé e, ìyá. Irú ọmọ báyìí nílò mílíìkì tó lágbára ju ti ọmọ tó pé oṣù lọ. 30 gíráàmù ló yẹ kí ọmọ máa fi kún ara lójúmọ́, tiyín ò tó 12 lọ́sẹ̀ tó kọjá.

Ìyá Ìbejì
Ẹ pẹ̀lẹ́, ìyá. Tèmi méjèèjì náà ò pé oṣù. Omi ọyàn tí mo bá fún sínú ife ni wọ́n ń da ìyẹ̀fun inú ọ̀rá kékeré kan sí, kò pẹ́ tí ẹ̀rẹ̀kẹ́ wọn fi yọ. Ó ku ọ̀rá mẹ́fà nílé. Ẹ wá gbà á, kẹ́ ẹ dà á sí mílíìkì agolo yẹn.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun
Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tíì da nǹkan kan sí i. Ìyá Ìbejì, omi ọyàn nìkan ni wọ́n ṣe ìyẹ̀fun inú ọ̀rá yẹn fún. Bàbá Dáre, òótọ́ ni pé wọ́n nílò mílíìkì tó lágbára, àmọ́ bí ìyẹ̀fun bá pọ̀ jù fún omi tí ẹ fi pò ó, iyọ̀ inú rẹ̀ á pọ̀ jù fún kíndìnrín wọn, inú lè wú, ìgbẹ́ lè le. Ọmọ tó ti wúwo ju kílò méjì lọ ni ẹ̀ ń fi 30 gíráàmù ojúmọ́ wọ̀n. Èyí tí kò tíì tó bẹ́ẹ̀, gíráàmù 15 sí 20 fún kílò kọ̀ọ̀kan lójúmọ́ la máa ń wá.

Ẹ jẹ́ ká ṣírò rẹ̀. Láti 1.50 dé 1.68, ó fi gíráàmù 180 kún un ní ọjọ́ méje. Ẹ fi 7 pín in, kẹ́ ẹ tún fi ìwọ̀n agbedeméjì, 1.59, pín èsì rẹ̀: 16 ni. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó já sí 10. Èyí tó kẹ́yìn, 6. Ẹ wá wo mílíìkì náà. 240 mílílítà lójúmọ́ fún ọmọ kílò 1.50, 160 ló bọ́ sí fún kílò kan, ìyẹn dára. Ọmọ ti dàgbà, ife ò yí padà: 240 yẹn fún kílò 1.88 kò ju 128 lọ.

Ìbéèrè méjì: ṣé mílíìkì wọ́ọ̀dù lẹ ṣì ń lò? Ṣé ìhòòhò ni wọ́n ń wọ̀n ọ́n?

Ìyá Tiwa
Há! Ìhòòhò ni ní wọ́ọ̀dù. Ní ibi àyẹ̀wò àdúgbò wa, pámpásì àti fìlà wà lára rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejèèjì. Mo sáré padà lọ, wọ́n bọ́ ọ: 1.84. Mílíìkì wọ́ọ̀dù tán, n ò rí òmíràn rà, ti ọmọ oṣù 0 sí 6 ni mo rà.

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun
Ẹ rí i, ohun méjì ló jọ dín kù. Mílíìkì àwọn ọmọ tí oṣù wọn ò pé máa ń ní bíi kálórì 80 nínú 100 mílílítà, ti ọmọ 0 sí 6 ní bíi 67. Nígbà tó wà ní 1.50, kálórì 128 ló ń bọ́ sí kílò kan. Báyìí, 240 mílílítà mílíìkì tuntun yẹn fún ọmọ 1.84, 87 péré ni, bẹ́ẹ̀ ó yẹ kó tó 115 ó kéré tán.

Láti 1.68 sí 1.84 láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, gíráàmù 6.5 fún kílò lójúmọ́ ni. Aṣọ ò jẹ́ ká mọ ọ̀sẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀.

Ẹ pe wọ́ọ̀dù yín lónìí, kẹ́ ẹ ka àwọn nọ́mbà yìí fún dókítà. 1.84 lọ́nà 160 jẹ́ 294. Pín in sí mẹ́jọ, 37 ni. A máa ń gun un díẹ̀díẹ̀ ni, 34 ná. Bí inú bá wú tàbí tó bì ohun aláwọ̀ ewé, ilé ìwòsàn ni lójú ẹsẹ̀. Síbẹ̀, kálórì bíi 108 fún kílò kan ni 37 ti mílíìkì tuntun yẹn máa fún un lójúmọ́, amúaradàgbà inú rẹ̀ náà kéré. Ti wọ́ọ̀dù ni kẹ́ ẹ ní kí wọ́n bá yín wá.

Ìyá Ìbejì
Mo dúpẹ́ pé ẹ tètè dá mi lóhùn. Níbo ló yẹ kó fi àmì sí lórí àwòrán Fenton tí wọ́n fi ń tọpa ìdàgbà ọmọ tí oṣù rẹ̀ ò pé, ọ̀sẹ̀ márùn-ún ni?

Nọ́ọ̀sì wọ́ọ̀dù ọmọ tuntun
Rárá, 36 ni: 31 inú oyún pẹ̀lú márùn-ún tó ti lò láyé. Ẹ fi yíyípo orí sí i náà, kí ilà tó bá ń rọ̀ lè hàn.

Ìyá Tiwa
Mo bá dókítà sọ̀rọ̀. Ó ní 34 láti òní, ká wá Ọjọ́bọ̀, òun á wá mílíìkì yẹn, kò lè fọwọ́ sọ̀yà pé òun á rí i. Tiwa ti mu ẹ̀ẹ̀mejì, kò pọ̀. Ó ṣì ń lá etí ife.