Omi tí a kò gbé kaná: kí ni ká kọ sí abẹ́ àwọn àmì inú ọrùn aṣọ?

Àdùkẹ́ Olóòkìríkà:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbà. Òkìríkà ni mo ń tà. Àwọn oníbàárà máa ń bi mí ní ìtumọ̀ àwòrán kéékèèké inú ọrùn aṣọ, mo sì fẹ́ kọ ọ́ ní Yorùbá sára pátákó. Búláòsì kan ló wà lọ́wọ́ mi báyìí, ó ti Ìlú Ọba wá. Ọpọ́n tí wọ́n kọ 30 sí ló ṣáájú, ìlà kan wà lábẹ́ rẹ̀. Onígun mẹ́ta tí wọ́n fagi lé ló tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà onígun mẹ́rin tó ní róbótó nínú, wọ́n fagi lé òun náà. Áyọ́ọ̀nù tó ní tótó kan tún wà, àti róbótó tí wọ́n kọ P sí. Báwo la ṣe máa sọ ọ́ tí ìyá àgbà á fi gbọ́?

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Àdùkẹ́, ẹ kú ọjà. Ààlà ni 30 inú ọpọ́n yẹn. Omi tó tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ kò ní í ba aṣọ jẹ́, èyí tó bá gbóná jù bẹ́ẹ̀ ló léwu. Bí ẹ bá wá kọ ọ́ pé "fi omi 30 fọ̀ ọ́", àwọn ìyá á gbé omi kaná ni. Ẹ kọ ọ́ pé "omi rẹ̀ kò gbọdọ̀ gbóná ju 30 lọ". Ta ló sì ní ohun tí wọ́n fi ń wọn ooru nílé? Ara èèyàn jẹ́ 37, nítorí náà omi 30 máa ṣe bí ẹni tutù díẹ̀ lọ́wọ́. Bí ẹ bá ti ọwọ́ bọ̀ ọ́ tó lọ́wọ́ọ́wọ́, ó ti kọjá. Lójú tèmi, "omi tí a kò gbé kaná" ti tó fún pátákó, àfi omi inú táǹkì dúdú tí oòrùn ti ń pa láti àárọ̀.

Ìlà abẹ́ ọpọ́n, "jẹ́jẹ́" ni kí ẹ pè é. Ìlà méjì, "jẹ́jẹ́ gan-an".

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta:
Àdùkẹ́ ọmọ mi, o ṣeun tí o mú irú èyí wá. Mo ti to orúkọ kalẹ̀. Ọpọ́n: àmì ìfọṣọ. Onígun mẹ́ta: àmì bílíìṣì. Onígun mẹ́rin: àmì ìsáṣọ. Áyọ́ọ̀nù: àmì ìlọṣọ. Róbótó: àmì fífọ̀ gbígbẹ, torí òun ni àwọn òyìnbó ń pè ní díráì-kílíìnì. P inú rẹ̀, pẹtirólù ni. Mo rántí pé àwọn alágbàfọ̀ ayé àtijọ́ máa ń fi pẹtirólù yọ epo lára kóòtù. Tótó tó wà nínú áyọ́ọ̀nù, ẹ jẹ́ ká pè é ní ojú, bí a ṣe ń ka ojú lára ọmọ lúdò: áyọ́ọ̀nù olójú kan, olójú méjì, olójú mẹ́ta.

Ṣùgbọ́n n kò gba "jẹ́jẹ́" yẹn wọlé. Ìlà abẹ́ ọpọ́n ń sọ pé kí omi kéré.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Bàbá, mo dọ̀bálẹ̀. "Olójú kan" wọ̀ mí lára, mo gbà á. Ṣùgbọ́n ti omi kékeré yẹn, òdìkejì rẹ̀ ni. Bí wọ́n bá yí ẹ̀rọ ìfọṣọ sí ibi jẹ́jẹ́, omi púpọ̀ ni, aṣọ díẹ̀ ni, yíyí ẹ̀rọ náà kò sì ní í le. Omi ló ń gbé aṣọ náà sókè kó má baà máa ha ara wọn.

Àdùkẹ́, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ orúkọ òwú sí. Bó bá jẹ́ fískóòsì ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ẹ óò rí ìdí ìlà yẹn. Bí fískóòsì bá gbẹ, kò sí ohun tó ṣe é, ṣùgbọ́n bó bá ti tutù, agbára rẹ̀ á dínkù gan-an. Ẹni tó bá gbo ó bí ẹni gbo ewé, tó tún fún un lọ́rùn, ó lè ya lójú rírán tàbí kó fẹ̀, kó má sì padà sí bó ṣe wà mọ́. Nínú abọ́, jẹ́jẹ́ túmọ̀ sí pé kí ẹ rì í sínú omi ọṣẹ, kí ẹ máa tẹ̀ ẹ́, kí ẹ gbé e, kí ẹ tún tẹ̀ ẹ́. Kò sí gbígbo, kò sí fífún. Bí ẹ bá ṣan án tán, ẹ ká a sínú táwẹ́ẹ̀lì kí ẹ fi ọwọ́ tẹ omi jáde.

Ti P, ọ̀rọ̀ ń bẹ níbẹ̀, mo ń bọ̀.

Ìyá Aládìrẹ, Òṣogbo:
Ẹ jọ̀ọ́, èwo nínú àmì wọ̀nyí ni ti àdìrẹ? Oníbàárà mi kan gbé àdìrẹ elélùú pọ̀ mọ́ aṣọ funfun ọkọ rẹ̀, gbogbo rẹ̀ sì di búlúù. Èmi ló ń bú. Mo ní ṣé mo kọ ìwé mọ́ ọn lọ́rùn ni?

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ìyá, ẹ pẹ̀lẹ́. Nínú àwòrán márààrún yẹn, kò sí èyí tó ń sọ pé aṣọ máa ń ṣí. Ọ̀rọ̀ ẹnu ni wọ́n fi ń kọ ìyẹn sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: "fọ̀ ọ́ lọ́tọ̀". Bí ẹ bá ń ṣe tiyín, gbólóhùn yẹn ni kó ṣáájú.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
Ẹ̀gbọ́n mi Àdùkẹ́, onígun mẹ́rin tó ní róbótó nínú, ẹ̀rọ tó ń fi ooru mú aṣọ gbẹ ni. "Amáṣọgbẹ" ni èmi àti àwọn ọmọ mi ń pè é nílé. Ó pọ̀ níbí, torí oòrùn wa kò ṣe é gbára lé. Wọ́n fagi lé e lára búláòsì yín, ìyẹn ni pé kò gbọdọ̀ wọ ẹ̀rọ náà rárá.

Mo mọ̀ pé ẹnì kan á ní kí ni oníbàárà yín fẹ́ fi èyí ṣe. Ẹ má yọ ọ́ kúrò. Ó ń sọ fún wọn pé aṣọ náà kò fẹ́ ooru, ó lè sún kì. Bí ẹ bá rí onígun mẹ́rin tí ìlà kan dúró gbọnran nínú rẹ̀, okùn ni kí wọ́n sá a sí. Bí ìlà náà bá sùn gbalaja, wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ́ ẹ sílẹ̀ ni. Súwẹ́tà ló sábà máa ń ní èyí, torí bí wọ́n bá gbé e kọ́, omi inú rẹ̀ á fà á gùn. Bí ìlà wíńníwín bá wà ní kọ̀rọ̀ òkè apá òsì, abẹ́ ibòji ni.

Ẹ ṣọ́ra fún ọ̀rọ̀ "olójú" yẹn o. Òkìríkà tó bá ti Amẹ́ríkà wá lè má ní nọ́ńbà nínú ọpọ́n, tótó ni wọ́n máa ń fi síbẹ̀. Ọpọ́n olójú kan jẹ́ 30, olójú méjì jẹ́ 40, olójú mẹ́ta jẹ́ 50. Ṣé ẹ rí i pé ojú kan ti ọpọ́n àti ojú kan ti áyọ́ọ̀nù kì í ṣe ooru kan náà?

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta:
Ìyẹn kò ba orúkọ jẹ́. Olójú kan ni èyí tó rọjú jù nínú irú tirẹ̀, ó parí.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Bàbá tọ̀nà níbẹ̀. Áyọ́ọ̀nù olójú kan kò gbọdọ̀ ju bí 110 lọ, olójú méjì bí 150, olójú mẹ́ta bí 200. Áyọ́ọ̀nù iná púpọ̀ ní tótó kan náà lára ibi tí wọ́n ti ń yí i, ẹ kàn mú kí ti aṣọ bá ti áyọ́ọ̀nù mu. Ẹni tó ń lo eléèédú kò ní ohun tó máa yí. Kó kọ́kọ́ lọ aṣọ mìíràn tó nípọn kí ooru áyọ́ọ̀nù náà lè wálẹ̀, kó wá dojú búláòsì náà délẹ̀, kó dán an wò ní etí ìsàlẹ̀ níbi tí ojú kò tó. Bí ojú ibẹ̀ bá ń dán tàbí tí irin ń lẹ̀ mọ́ ọn, ooru ti ń ba òwú rẹ̀ jẹ́, kò sì sí ọṣẹ tó lè yọ dídán yẹn. Kó má sì jẹ́ kí áyọ́ọ̀nù olójú kan tú èéfín omi sí i.

Ó wá ku P. Bàbá, ẹ ti sún mọ́ ọn, F ni ẹ ń wá. F ni èròjà tí wọ́n yọ láti ara epo rọ̀bì, ìbátan pẹtirólù lóòótọ́. P gba ìyẹn, ó tún gba èyí tó lágbára jù, tí àwa oníṣẹ́ ń pè ní "pààkì", ìyẹn pakilorẹtilíìnì. Ẹ̀rọ tó pa ara rẹ̀ dé ni wọ́n ń lò ó nínú. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má kọ pẹtirólù sára pátákó kankan. Ẹnì kan á bù ú sínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ sítóòfù.

"Fífọ̀ gbígbẹ" náà kò bọ́ sí i. Aṣọ náà kò gbẹ nínú ẹ̀rọ, ó rin gbingbin, kàn jẹ́ pé kì í ṣe omi ló rin ín.

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
"Fífọ̀ láìlómi" ńkọ́?

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Ìbá dára bí kò bá sí W. Róbótó tí wọ́n kọ W sí, omi ni, ọwọ́ oníṣẹ́ àti ẹ̀rọ tirẹ̀ ni wọ́n ṣáà fi ń fọ̀ ọ́. Nítorí náà róbótó fúnra rẹ̀, "àmì alágbàfọ̀" ni. Lẹ́tà inú rẹ̀, èmi ni wọ́n kọ ọ́ sí, kò kan oníbàárà.

Àdùkẹ́, ibi tí wọ́n ti ń ná owó dànù nìyí: P yẹn kò sọ pé dandan ni kí wọ́n gbé búláòsì náà wá fún mi. Wọn kò fagi lé ọpọ́n, nítorí náà ọ̀nà méjèèjì ló ṣí. Bí wọ́n bá fagi lé ọpọ́n tí róbótó sì wà, ìgbà yẹn ni omi ilé di èèwọ̀. Mò ń tú àṣírí ọjà ara mi, ẹ má sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ mi.

Àdùkẹ́ Olóòkìríkà:
Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. Ohun tí mo kọ rèé:

"Omi tí a kò gbé kaná. Tẹ̀ ẹ́ jẹ́jẹ́, má gbo ó, má fún un. Má fi bílíìṣì kàn án. Má fi sínú amáṣọgbẹ. Dojú rẹ̀ délẹ̀ kí o tó lọ̀ ọ́, áyọ́ọ̀nù olójú kan. Alágbàfọ̀ lè fi ẹ̀rọ rẹ̀ fọ̀ ọ́."

Onígun mẹ́ta tí wọn kò fagi lé, àmọ́ tó ní ìlà méjì tó dagun nínú, kí ni ká kọ sí i?

Ọmọ Ìbàdàn ní Peckham:
Bílíìṣì tí kò ní kilorín-ìnì nìkan ni ìyẹn gbà. Èyí tí a ń pè ní jíìkì nílé ní in, òórùn rẹ̀ dà bíi ti omi adágún ìlúwẹ̀ẹ́. Bí èyí tó wà lọ́wọ́ ẹ bá ń rùn bẹ́ẹ̀, ẹ gbé e sílẹ̀.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta:
"Bílíìṣì tí kò rùn" ni kó kọ, ó kúrú.

Alágbàfọ̀ Mọ́kọ́lá:
Bàbá, wọ́n ti ń fi lọ́fínńdà sí jíìkì báyìí o.

Tíṣà Àgbà, Abẹ́òkúta:
Ó dáa, kó kọ ọ́ pé "má fi jíìkì sí i". Ṣùgbọ́n n kò tíì gba "amáṣọgbẹ". Oòrùn náà amáṣọgbẹ ni.