Mo ka ìkéde tán lórí rédíò, àwọn olùgbọ́ ṣì ń pè pé "ọjọ́ wo lẹ wí?"

Atọ́kùn Àárọ̀
Ẹ kú àárọ̀ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ìjẹ̀bú-Òde ni mo ti ń ṣe ètò àárọ̀ lórí rédíò, ní èdè Yorùbá. Ìkéde ló ń yọ mí lẹ́nu. Bí mo bá kà á tán, kí n tó fi orin sí i, fóònù á ti máa dún: "Ọjọ́ wo lẹ wí?" "Níbo lẹ ní ká lọ?" Bẹ́ẹ̀, gbogbo rẹ̀ ni mo kà, n kì í sì í sáré. Ẹ wo èyí tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí wa:

"Ìjọba ìbílẹ̀ ń fi àkókò yìí rọ gbogbo òbí àti alágbàtọ́ tí wọ́n ní àwọn ọmọ tí ọjọ́ orí wọn kò tíì pé ọdún márùn-ún láti kó àwọn ọmọ náà wá sí ilé ìwòsàn ìjọba tó súnmọ́ wọn jùlọ ní ọjọ́ Sátidé, ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù yìí, láàárín aago mẹ́jọ òwúrọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, fún gbígba oògùn àjẹsára àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀, èyí tí ó jẹ́ ọ̀fẹ́, kí wọ́n sì mú káàdì àjẹsára dání."

Báwo lẹ ṣe máa kọ ọ́?

Ọmọ Ìsarà
Ó ti gùn jù. Gé e wẹ́wẹ́. Gbólóhùn kan kò gbọdọ̀ ju ọ̀rọ̀ márùn-ún lọ, kí o sì sọ ọ̀kọ̀ọ̀kan lẹ́ẹ̀mẹta. Ó tán.

Ìyá Onígààrí, Òkè-Ajé
Ẹ jọ̀ọ́, Sátidé wo? Ṣé Ìjẹ̀bú-Òde nìkan ni àbí ó kan Ṣágámù náà? Ọmọ ọmọ mi wà ní Ṣágámù.

Atọ́kùn Àárọ̀
Ẹ má bínú, ìyá wa. Àpẹẹrẹ ni mo fi hàn, ìwé yẹn ti pẹ́. Kò sí oògùn kankan lọ́sẹ̀ yìí.

Àgbà Oníròyìn
Àbúrò, ẹ ò rí i pé ìyá wa ti fi ibi tí ọ̀rọ̀ wà hàn yín? Wọ́n ka ìwé náà, wọn ò sì rí orúkọ ìlú kankan níbẹ̀. Ẹni tó bá gbọ́ ọ lórí rédíò ńkọ́?

Mo ṣe iṣẹ́ yìí ní Abẹ́òkúta títí mo fi fẹ̀yìn tì. Gígùn rẹ̀ nìkan kọ́ ló ba ìkéde yẹn jẹ́, bí wọ́n ṣe tò ó náà ni. Ẹ wo ibi tí "oògùn àjẹsára" wà: ìsàlẹ̀ pátápátá. Ọjọ́ àti aago ti kọjá kí olùgbọ́ tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Ìyá tó ń bu gààrí fún oníbàárà kò ní há "Sátidé, aago mẹ́jọ" sórí nígbà tí kò tíì mọ̀ pé ọ̀rọ̀ náà kan òun. Nígbà tó bá máa fi mọ̀, Sátidé ti lọ, kò sì lè ṣí ojú ìwé padà. Ìdí nìyẹn tó fi ń pè yín.

Nítorí náà, ẹ kọ́kọ́ pe ẹni tó ni ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ sọ ohun tó wà ńlẹ̀. Ìgbà náà ni kí ẹ wá dárúkọ ọjọ́ àti ibi. Èmi á kọ ọ́ báyìí:

"Ṣé ọmọ kékeré wà nílé yín? Ọmọ tí kò tíì pé ọdún márùn-ún? Ẹ gbọ́ o. Wọ́n fẹ́ fún àwọn ọmọdé ní oògùn tí kì í jẹ́ kí àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ mú wọn. Kì í ṣe abẹ́rẹ́. Ẹ̀kán méjì péré ni, ẹnu ni wọ́n ń kán an sí. Ọ̀fẹ́ ni. Lọ́túnla ni, ọjọ́ Sátidé. Ilé ìwòsàn ìjọba tó wà ládùúgbò yín ni kí ẹ gbé ọmọ lọ, níbikíbi tí ẹ bá ń gbé nínú Ìjẹ̀bú-Òde. Aago mẹ́jọ àárọ̀ ni wọ́n máa bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti di aago méjì ọ̀sán, wọ́n ti parí. Ẹ mú káàdì ọmọ dání. Mo tún un sọ o: ọjọ́ Sátidé, ilé ìwòsàn ìjọba àdúgbò yín, aago mẹ́jọ àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán."

Ẹ ó rí i pé mo yọ ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n kúrò. Olùgbọ́ á ṣì máa yọ mẹ́ta kúrò nínú ọgbọ̀n nígbà tí ẹ bá ti dé orí aago. Ta ni ń béèrè déètì Ojúde Ọba ní Ìjẹ̀bú? Ọjọ́ kẹta Iléyá ni, gbogbo wa mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ ṣọ́ra fún "lọ́túnla" yẹn. Ọjọ́bọ̀ nìkan ló bá a mu. Bí ẹ bá gba ohùn yín sílẹ̀, tí ẹni tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì tún gbé e sáfẹ́fẹ́ bẹ́ẹ̀, àwọn kan á dé ilé ìwòsàn lọ́jọ́ Àìkú.

Ọmọ Ìsarà, ìdajì ọ̀rọ̀ rẹ dára. Ṣùgbọ́n bí gbogbo gbólóhùn bá jẹ́ ọ̀rọ̀ márùn-ún, ńṣe ni atọ́kùn á máa mí hẹlẹhẹlẹ bí ẹni tí ajá ń lé. Ka tèmi sókè: "Ọ̀fẹ́ ni" kúrú, èyí tó dárúkọ ilé ìwòsàn gùn díẹ̀, bí a ṣe ń sọ̀rọ̀ nílé nìyẹn. Ohun tí olùgbọ́ máa fi ẹsẹ̀ rìn tọ̀ nìkan ni mo tún sọ: ọjọ́, ibi, aago. Bí o bá tún gbogbo rẹ̀ sọ, kò ní mọ èwo ni kó dì mú.

Ọmọ Ìsarà
Mo gbọ́, bàbá. Àmọ́ nínú ìròyìn ńkọ́? Wọ́n ní kéèyàn má máa dárúkọ ẹnì kan léraléra.

Àgbà Oníròyìn
Inú ìwé nìyẹn. "Ó" tiwa ò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, kò mọ èèyàn yàtọ̀ sí mọ́tò. "Kọ́míṣánnà pàdé alága ọjà. Ó ní ọ̀nà náà máa tètè parí." Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Ẹni tó ń kàwé á wo òkè padà. Fún etí, tún orúkọ pè: "Kọ́míṣánnà ní ọ̀nà náà máa tètè parí." Kò sẹ́ni tó máa bínú.

Ìyá Onígààrí, Òkè-Ajé
Èyí tí bàbá kọ yìí yé mi. Ṣùgbọ́n ẹni tí káàdì ọmọ rẹ̀ ti sọnù ńkọ́? Ṣé wọ́n máa dá a padà ni? Ẹ tún bá wa dín orin abẹ́ ọ̀rọ̀ yẹn kù. Ẹ̀rọ ìlọta wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ìlù yín tún wà lábẹ́ ohùn yín, kí wá ni kí n gbọ́?

Atọ́kùn Àárọ̀
Ẹ ṣeun, mà. Màá yọ orin náà. Ti káàdì, ìwé tí wọ́n fi ránṣẹ́ ò sọ nǹkan kan, ó yẹ kí n ti pè wọ́n kí n tó kà á.

Ẹ̀yin bàbá, ìṣòro kan ló kù. Ọ̀gá mi ní ìkéde tí wọ́n sanwó fún, bí wọ́n ṣe kọ ọ́ ni ká ṣe kà á.

Àgbà Oníròyìn
Kọ ọ́ bó ṣe yẹ, kà á sókè sínú fóònù rẹ, kí o fi ránṣẹ́ sí ẹni tó sanwó kó gbọ́ ọ kó tó dé orí afẹ́fẹ́. Púpọ̀ nínú wọn máa ń gbà.

Ẹlẹ́nu Rere Ìkẹ́nnẹ́
Àwọn kan ò ní gbà o, bàbá. Níbi tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, ẹnì kan gba owó rẹ̀ padà nítorí pé a yọ "ń fi àkókò yìí rọ" kúrò nínú ìkéde rẹ̀. Ó ní a ti já ọlá òun. Ti òkú tún le jù, àwọn ẹbí fẹ́ gbọ́ gbogbo oyè bàbá wọn pátá.

Àgbà Oníròyìn
Ti òkú, mi ò fọwọ́ kàn án. Ẹ ka gbogbo oyè náà, kí ẹ ṣáà tún ọjọ́ ìsìnkú sọ nígbẹ̀yìn.

Atọ́kùn Àárọ̀
Màá fi ti àjẹsára yìí ṣe àpẹẹrẹ fún ọ̀gá lọ́la. Bó bá kọ̀, ṣé mo lè máa ka tàwọn tó sanwó bó ṣe wà, kí n wá fi ẹnu ara mi sọ ọjọ́ àti ibi lẹ́yìn rẹ̀?

Ẹlẹ́nu Rere Ìkẹ́nnẹ́
Bí wọn ò bá ní gba owó ìṣẹ́jú tó lé yẹn lọ́wọ́ rẹ, kà á.