Àbọ̀ ọ̀rọ̀ owó orí iṣẹ́ méjì

Ohun tí mo bèèrè: "Oṣooṣù ni wọ́n ń yọ owó orí níbi iṣẹ́ mi méjèèjì, báwo ni gbèsè ṣe wá ṣẹ́kù?"

Nínú ẹ̀yin tẹ́ ẹ dá mi lóhùn, ẹni tó ní kí n tẹ́ pépà owó oṣù méjèèjì síra wọn ló rí ìdí ẹ̀. Ibi méjèèjì ló yọ 10,000 tí wọn kì í gbowó orí lé sílẹ̀ fún mi, bẹ́ẹ̀ ẹ̀ẹ̀kan péré ni mo ní in lọ́dún, ìdá kan nínú márùn-ún ni wọ́n ń gbà nínú owó mi, 2,000 sì ni gbèsè yẹn géérégé.

Ẹni tó ní kí ibi iṣẹ́ kejì má yọ 10,000 yẹn sílẹ̀ mọ́ náà gbìyànjú, wọ́n ti ṣe é, àmọ́ ti iwájú nìkan nìyẹn tún ṣe, kò kan ti ẹ̀yìn. Àwọn agbowó orí ti gbà kí n máa san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀, ti èlé ni wọn ò tíì dáhùn. Ẹ ṣé o.