Ẹ gbà mí o, òrùka kan ò kúrò lára ògiri inú fọ́tò yìí

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin àgbà àti ẹgbẹ́ mi. Òru kẹrin rèé tí mo ń jókòó ti fọ́tò kan ṣoṣo. Jẹnẹrétọ̀ ni mo fi ń ṣe é nítorí NẸ́PÀ ò mú iná wá, ẹ sì mọ iye tí epo jẹ́. Ẹbí kan l'Ékòó ló gbé iṣẹ́ náà fún mi. Fọ́tò ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì bàbá wọn ni, ilé Àgùdà ní Ìsàlẹ̀ Èkó, dúdú àti funfun. Fíìmù ni wọ́n fi yà á nígbà náà. Wọ́n fẹ́ tẹ̀ ẹ́ ní 30 íǹṣì, kí wọ́n gbé e kọ́ sí pálọ̀ fún ìrántí bàbá.

Ẹ̀rọ amúlétutù kan wà lára ògiri tó bo ìdajì ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì orí fèrèsé. Wọ́n ní kí n yọ ọ́. Mo wọ mọ́tò láti Ìbàdàn dé ibẹ̀, mo fi owó ara mi wọ̀ ọ́, mo lọ fi fóònù ya fèrèsé náà nítorí wọ́n ti yọ ẹ̀rọ yẹn kúrò báyìí. Èyí tí mo yà ni mo fi bo ojú ibẹ̀ nínú Fọ́tòṣọ́ọ̀pù. Mo gé másìkì rẹ̀, mo fún un ní fẹ́dà 30 kí etí rẹ̀ má baà gé gàrà, mo fi `Add Noise` 8% lé e. Lójú tèmi ó dára. Àbúrò oníbàárà wò ó lẹ́ẹ̀kan péré, ó ní ó dà bí ẹni pé wọ́n fi ọṣẹ fọ òrùka kan sára ògiri bàbá òun. Níwájú gbogbo ẹbí! Kí ni mo ṣe tí kò dára?

Ìyá Àlúbọ́ọ̀mù
Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Fẹ́dà 30 ti pọ̀ jù. Kí ló dé tí o ò lo `Clone Stamp`? Ara ògiri kan náà ni kí o ti mú un, hóró fíìmù rẹ̀, àwọn àmì tótòtó ara fọ́tò fíìmù, á bá a wá láìjẹ́ pé o fi nǹkan kan kún un. Ogún ọdún ni mo ti ń tún fọ́tò ìgbéyàwó ṣe, mi ò lo `Add Noise` rí.

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Èmi ò tilẹ̀ mọ ìdí tí ẹ fi ń yọ nǹkan kúrò nínú fọ́tò ilé àtijọ́. Mo ní fọ́tò Ilojo Bar tó wà ní Tinúbú, èyí tí wọ́n kọ́ ní 1855. Mo ti fi ọwọ́ ara mi yọ gbogbo wáyà iná iwájú rẹ̀ kó lè mọ́. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2016, wọ́n wó ilé náà tòun ti pé ó jẹ́ ohun àjogúnbá tí ìjọba ti kéde. Ẹ̀dà tí mo ti fọwọ́ kàn nìkan ló wà lọ́wọ́ mi, mi ò fi ti àkọ́kọ́ pamọ́. Títí di òní, bí mo bá wò ó, mi ò mọ ibi tí ògiri gidi parí sí tí tèmi bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi àkọ́kọ́ pamọ́ o.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Ẹ̀gbọ́n, ẹbí ló ni ilé, àwọn ló ní kí n yọ ọ́. Mọ̀mí, mo gbìyànjú `Clone Stamp`. Ọ̀ṣọ́ tí ẹ̀rọ yẹn bò kò sí níbòmíràn nínú fọ́tò náà, níbo ni mo ti fẹ́ mú un? Ní ti fẹ́dà, bí mo bá dín in kù, ìlà á hàn. Mo ti wò ó.

Bàbá Dáàkúrúùmù
Ọmọ mi, mo ní ìbéèrè mẹ́ta. Píkísẹ́lì mélòó ni fọ́tò yẹn ní ìbú? Ta ló fún ọ ní fáìlì rẹ̀, báwo ló sì ṣe dé ọwọ́ rẹ? Àlẹ̀mọ́ tí o mú wá láti inú fóònù, ṣé o fẹ̀ ẹ́ ni àbí o dín in kù?

Tísà Gímpù
Bàbá, kò tó bẹ́ẹ̀. 8% ló kéré. Kó gbé e sókè sí 15, kó fi àmì sí `Monochromatic`, kó mú `Gaussian`. Bí mo ṣe ń ṣe é nínú Gímpù náà nìyẹn, ó sì ń ṣiṣẹ́.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Tísà, mo ṣe 15, ó wá dà bí iyanrìn tí wọ́n dà sí ojú kan ṣoṣo. Bàbá, mo dín àlẹ̀mọ́ náà kù gan-an ni, fóònù tuntun tóbi. Ẹ jọ̀ọ́, òrùka yìí ló ń dà mí láàmú. Àárín àlẹ̀mọ́ kò burú, etí rẹ̀ níbi tó ti ń wọ inú ògiri ló ń dán.

Bàbá Dáàkúrúùmù
O ò tíì dáhùn méjì nínú ìbéèrè mi. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n sọ ti òrùka ná.

Ní àárín fẹ́dà, ìdajì ohun tí ojú rẹ ń rí jẹ́ ògiri àtijọ́, ìdajì jẹ́ àlẹ̀mọ́ rẹ. Hóró ti ibí kò mọ hóró ti ọ̀hún. Níbi tí ọ̀kan ti dúdú, èkejì lè funfun, wọn á sì pa ara wọn. Bí agbára méjèèjì bá tilẹ̀ dọ́gba, ohun tó ṣẹ́kù ní àárín kò ju nǹkan bí 70 nínú 100 lọ. Ibẹ̀ á wá dán ju ọ̀tún àti òsì rẹ̀. Ohun tí ọmọkùnrin yẹn pè ní ọṣẹ nìyẹn, òótọ́ ló sọ. Bí o bá sọ fẹ́dà di 60, o kàn mú òrùka fẹ̀ ni.

Fẹ́dà ni kó ran àwọ̀ lọ́wọ́ láti wọ inú ara wọn, kì í ṣe hóró. Kọ́kọ́ yọ hóró kúrò lára àlẹ̀mọ́ kó mọ́ pátápátá. Da àwọ̀ rẹ̀ pọ̀ mọ́ ògiri. Lẹ́yìn náà ni kí o wá fi hóró tuntun sí léyà ọ̀tọ̀ lókè: `Overlay`, kí o fi 50% gray kún un. Kí másìkì léyà hóró yìí fẹ̀ ju ti àlẹ̀mọ́ lọ díẹ̀, kó bo gbogbo òrùka mọ́lẹ̀.

Ìyá Àlúbọ́ọ̀mù
Mo ṣáà ti sọ pé fẹ́dà pọ̀.

Bàbá Dáàkúrúùmù
Ìyá, ẹ sọ ọ́ dáadáa, ṣùgbọ́n bí ó bá dín in kù yípo, ìlà tó ń sọ yẹn á hàn ní ojú ògiri gbalasa, nítorí àwọ̀ fóònù àti ti fíìmù kò lè dọ́gba tán. Ọ̀nà méjì ni etí másìkì yẹn ń béèrè. Níbi tó bá ti tọ ìlà ọ̀ṣọ́ sìmẹ́ńtì lọ, kí fẹ́dà jẹ́ píkísẹ́lì 1 tàbí 2. Kó wo etí fèrèsé tó wà nítòsí, kó ka iye píkísẹ́lì tí dúdú fi ń di funfun níbẹ̀, iye yẹn náà ni kó lò. Ojú ògiri tí kò ní nǹkan kan lára nìkan ni fẹ́dà gbígbòòrò wà fún. Ní ti `Clone Stamp`, bí ẹ bá fi búrọ́ọ̀ṣì rírọ̀ lò ó, wàhálà òrùka kan náà lẹ óò bá pàdé.

Ìyá Àlúbọ́ọ̀mù
Búrọ́ọ̀ṣì líle ni èmi ń lò, Bàbá. Mi ò gbà.

Tísà Gímpù
Bàbá, iye wo ni kó wá fi sí `Add Noise`? Ẹ fún un ní nọ́ńbà kó lè lọ sùn.

Bàbá Dáàkúrúùmù
Mi ò lè fún un, nítorí mi ò tíì mọ bí fáìlì yẹn ṣe rí. Nọ́ńbà tìrẹ kì í ṣe tèmi. `Add Noise` máa ń fúnni ní hóró tó jẹ́ píkísẹ́lì kan péré, tó mú bí abẹ́rẹ́. Hóró fíìmù tí wọ́n bá síkáànì dáadáa máa ń gba ju píkísẹ́lì kan lọ, ó sì máa ń rọ̀ létí. Nítorí náà ni 15 fi dà bí iyanrìn. O ní láti fi `Gaussian Blur` rọ̀ ọ́, bẹ̀rẹ̀ láti 0.6, máa gòkè díẹ̀díẹ̀ títí hóró á fi tóbi bí ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Bí o bá ti rọ̀ ọ́, agbára rẹ̀ á relẹ̀, wàá tún gbé e sókè. Ọmọ mi, fáìlì ńkọ́?

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Bàbá, ẹ má bínú. 1600 ni ìbú rẹ̀. Orí Wásáàpù ni ọmọ wọn obìnrin ti fi ránṣẹ́ sí mi. Èmi ni mo fẹ̀ ẹ́ kó lè tó 30 íǹṣì kí n tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mo rò pé kò já mọ́ nǹkan kan nítorí ó hàn dáadáa lórí kọ̀ǹpútà mi.

Bàbá Dáàkúrúùmù
Háà! Ohun tí mo ń wá láti àárọ̀ rèé.

Ọmọ mi, hóró kankan kò sí nínú fáìlì yẹn mọ́. Bí Wásáàpù bá ti fún un mọ́lẹ̀, hóró fíìmù ló kọ́kọ́ máa ń pa. Ohun tí ò ń rí lára ògiri ni àpótí kéékèèké onípíkísẹ́lì 8 sí 8 tí JPEG máa ń fi sílẹ̀, ìwọ sì tún ti fẹ̀ wọ́n. Kò sí `Add Noise` tó lè bá ìyẹn mu. Ṣe ìṣirò rẹ̀: 1600 lórí 30 íǹṣì, píkísẹ́lì 53 péré ló bọ́ sí íǹṣì kan. Bí o bá tilẹ̀ tún òrùka náà ṣe, fọ́tò náà á burú lára ògiri pálọ̀. Níbo ni fíìmù wà?

Ọmọ Ìsàlẹ̀ Èkó
Wọ́n ń fi Wásáàpù rán fọ́tò ilé baba ẹni. Ẹ wò ó.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Mo ti pe ọmọ wọn obìnrin. Ó ní àwọn ti síkáànì nẹ́gátíìfù rẹ̀ rí, TIFF rẹ̀ wà nínú fláàṣì kan lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun. N óò padà wá.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá (lẹ́yìn ọjọ́ méjì)
Mo ti gbà á. 5,600 àti díẹ̀ ni ìbú rẹ̀. Bàbá, hóró wà níbẹ̀ lóòótọ́! Bí mo ṣe ṣí i sí 200%, gbogbo ògiri náà ń hó bí ìyẹ̀fun tí wọ́n jọ̀.

Mo bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Mo mú àlẹ̀mọ́ mọ́, mo fi 1.5 tọ ìlà ọ̀ṣọ́ lọ, mo fi 25 sí ojú ògiri nísàlẹ̀. Hóró mi lórí léyà `Overlay`, `Gaussian` àti `Monochromatic`, mo rọ̀ ọ́ pẹ̀lú 1.1. Mo fẹ másìkì rẹ̀ kọjá òrùka. Àmọ́ ojú mi ti rẹ̀, mi ò mọ̀ bóyá ó dọ́gba.

Bàbá Dáàkúrúùmù
Má fi ojú tó ti rẹ̀ wò ó. Ṣí `Histogram` kó fi ìṣirò hàn. Fi àmì yan ojú kékeré kan lára ògiri gidi níbi tí àwọ̀ kò ti yí padà, ka `Std Dev` rẹ̀, nọ́ńbà tó ń sọ bí hóró ibẹ̀ ṣe lágbára tó. Ṣe bẹ́ẹ̀ lórí òrùka, kí o sì ṣe é láàárín àlẹ̀mọ́. Lẹ́yìn náà, fi `Curves` gíga kan sókè kó le gan-an, wò ó ní 100%. Bí ó bá kéré ju 100% lọ, kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ á da hóró pọ̀ mọ́ra, á tàn ọ́.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Ògiri gidi 9.6. Àárín àlẹ̀mọ́ 9.3. Òrùka kọ́kọ́ fún mi ní 8.1, mo tún fẹ másìkì hóró síta díẹ̀ sí i, ó di 9.4. Pẹ̀lú `Curves` mi ò rí nǹkan kan mọ́.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n jẹ́wọ́ nǹkan kan tí mi ò sọ. Ohun tí àbúrò yẹn sọ lẹ́yìn ọ̀rọ̀ ọṣẹ ni pé oòrùn ti yí padà lára ilé àwọn. Mo rò pé ó ń fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni. Nísinsìnyí tí òrùka ti lọ, mo rí i: òjìji abẹ́ ọ̀ṣọ́ gidi wà lápá òsì, ti àlẹ̀mọ́ mi wà lápá ọ̀tún. Agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ni mo yà á.

Tísà Gímpù
Yí i padà sí òdì kejì, `Flip Horizontal`. Ọ̀ṣọ́ náà dọ́gba ní ọ̀tún àti òsì, àbí?

Ìyá Àlúbọ́ọ̀mù
Tísà, àbàwọ́n òjò tó wà lára sìmẹ́ńtì ńkọ́? Bó bá yí i, ibi tí omi ń ṣàn sí náà á yí padà, ẹni tí wọ́n bí sí ilé yẹn á mọ̀. Tún Èkó lọ, ọmọ mi, ní òwúrọ̀.

Bàbá Dáàkúrúùmù
Yí i ná, kí o fi bí àbàwọ́n náà ṣe rí hàn wá. Àbí òwúrọ̀ ni wọ́n ya ti àkọ́kọ́ lóòótọ́? Bi wọ́n kí o tó wọkọ̀.

Aláwòrán Mọ́kọ́lá
Mo ti bi ọmọ obìnrin náà. Ó ń bi màmá wọn lọ́wọ́.